Ọ̀pá kún, fídíò ò lọ: bí a ṣe ń wádìí dátà tó ń falẹ̀ nínú ilé

Àǹtí mi kan ń ránṣọ ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Páálọ̀ wọn kọjú sí títì, yàrá wọn sì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí wọ́n bá ti rán aṣọ tán, wọ́n á gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí Wásáàpù kí onítọ̀hún tó san owó tó kù. Òbíríkítí tó ń yí lójú fídíò náà ni kì í dúró.

"Ṣé ìwọ náà rí i? Ọ̀pá mẹ́rin ló kún yìí," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Àná ni mo sì ra dátà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?"

Mo wo ojú fóònù. Òótọ́ ni, ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún. Ṣùgbọ́n àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà tí wọn ò kà sí: `H+`, ìyẹn 3G. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, lágbègbè Kuíìnì Sínímà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé fóònù wá pé dátà rẹ̀ ò rìn mọ́, bí wọ́n bá dé ìsọ̀ mi, dátà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ojú á sì máa tì wọ́n. Kò yẹ kí ojú tì wọ́n. Ìta gbangba ni ìsọ̀ mi wà, inú yàrá sì ni ìṣòro wọn wà. Bí dátà yín bá ń rìn níta tó sì ń fà nínú ilé, ẹ má tíì tún fóònù ṣe, ẹ má sì tíì ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tí mo ṣe ní Òkè-Àdó yìí. Lápapọ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ àti alẹ́ lẹ ó pín in sí, ohun tó sì ń fẹ́ ò ju fóònù yín, bírò àti ìwé kékeré kan.

Ohun tí ọ̀pá ń sọ

Ohun kan péré ni ọ̀pá ń sọ: bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì sí. Kì í sọ bóyá òpó náà ń gbọ́ fóònù. Kì í sì í sọ iye èèyàn tó ń pín òpó náà pẹ̀lú yín. Kò tún sí òfin tó sọ pé ibi báyìí ni ọ̀pá mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń yan èyí tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbé fóònù méjì sórí tábìlì kan náà, kí nẹ́tíwọ̀kì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan fi ọ̀pá méjì hàn kí èkejì fi mẹ́rin hàn.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró sórí Òkè Mápó pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ. Ẹ̀yin ò ní ẹ̀rọ. Ẹnu lásán lẹ ó fi dá a lóhùn. Ẹ ń gbọ́ ọ kedere, òun ò gbọ́ yín. Bí òpó àti fóònù ṣe rí nìyẹn. Òpó lè fi ọ̀pọ̀ wáàtì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fóònù 4G kì í sábà ju ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan ṣoṣo lọ. Bí ògiri bá wá gba díẹ̀ lára ohùn àwọn méjèèjì, ti òpó á ṣì kù. Ti fóònù ló máa ń tán. Ìyẹn ló fà á tí ẹ fi lè ka ìròyìn, kí àwòrán máa wọlé, síbẹ̀ kí fídíò tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó ń wọlé ni ọ̀pá ń wọ̀n. Ohun tó ń jáde ni àǹtí mi nílò.

Bí ilé ṣe ń gbà á, àti ìdí tí ọ̀pá fi ń pọ̀ nígbà tí eré ń dín kù

Ìgbì ni nẹ́tíwọ̀kì, bí ti rédíò. Èyí tó ń gbọ̀n lọ́ra nínú àwọn ìgbì náà máa ń wọ ilé dáadáa ju èyí tó ń gbọ̀n kíákíá lọ. Lórílẹ̀-èdè yìí, 2G wà lórí 900 àti 1800 mẹ́gáhàátísì, 3G wà lórí 900 àti 2100. 4G wà lórí oríṣiríṣi, láti nǹkan bíi 700 tàbí 800 títí dé 1800 àti 2600, bí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan bá ṣe ní i. 5G tiwa wà lókè réré, ní nǹkan bíi 3500. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni àyè fún dátà sábà máa ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri ṣe ń tètè dá a dúró.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àǹtí mi bá gbé fóònù láti páálọ̀ lọ sí yàrá. 4G tó wà lórí ìgbì gíga rẹ̀wẹ̀sì sára ògiri. Fóònù gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti kéré jù, ó wá òmíràn, ó rí 3G lórí 900 tó ṣì ń dún gbọnmọgbọnmọ, ó sì bọ́ sórí rẹ̀. Lójijì, ọ̀pá tó ti kù méjì di mẹ́rin. Ẹni tó ń wo ọ̀pá á ní nẹ́tíwọ̀kì ti dára sí i, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni fóònù fi sílẹ̀ tó yà sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin ti `H+` kì í ṣe ọ̀pá mẹ́rin ti `4G`. Ọ̀pá mẹ́rin ti `E`, tó jẹ́ 2G, tilẹ̀ burú jù. Kò tó gbé fídíò kankan.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, páànù ni ọ̀tá àkọ́kọ́, Ìbàdàn ò sì ṣaláìní páànù. Irin ń ta ìgbì padà bí dígí ṣe ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, yálà ó jẹ́ páànù tó ti dípẹtà tàbí alumíníọ́mù tuntun. Fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ni ìgbì ń gbà wọ ilé tí wọ́n fi páànù bò. Ẹ̀yin tó ń gbé ní àjà òkè, tí ẹ rò pé ẹ sún mọ́ òpó, ẹ rántí pé páànù lè wà láàárín yín. Ògiri alámọ̀ inú ìgboro nípọn, ó sì tún ń mu omi lásìkò òjò, omi sì ń jẹ ìgbì. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ṣì ṣeé fara dà. Pílà àti dẹ́kìn tí irin pọ̀ nínú wọn ni kò ṣeé fara dà. Dígí dúdú tó ń dán bíi jígí máa ń ní ìpele irin tín-ín-rín lára; ẹni tó fi irú rẹ̀ sí fèrèsé lè máa yanu pé fèrèsé òun ò sàn ju ògiri lọ. Àti pé ìlú òkè ni tiwa: ilé tó wà nínú kòtò lẹ́bàá odò lè má rí òpó tó wà lẹ́yìn òkè rárá, bí ò tilẹ̀ jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka nọ́ńbà, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọ̀pá ni ẹ ó máa lò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, ẹ lọ sí `Settings`, `About phone`, `Status`, `SIM status`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Signal strength` sí. Orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ tẹ èyí níbi tí ẹ ti ń pe èèyàn:

```
*#*#4636#*#*
```

Bí ẹ bá ti tẹ ìràwọ̀ tó gbẹ̀yìn ni ojú ewé kan á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ yan `Phone information`. Àwọn fóònù kan ò ní ṣí i. Lórí Sàmúsọ́ọ̀ǹgì, ẹ gbìyànjú `*#0011#`. Lórí áífóònù, `*3001#12345#*` ni, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìpè. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni `RSRP`.

Ẹ ó rí nǹkan bíi `-91 dBm`. Àmì àyọkúrò wà níwájú rẹ̀, nítorí náà bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó: `-85` sàn ju `-105` lọ. Fún 4G, láti `-90` wá sókè dára gan-an. Láàárín `-90` sí `-105` ṣeé lò. Bó bá ti kọjá `-110`, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti jáde, bó bá sì dé agbègbè `-120`, ó ti fẹ́ já nìyẹn. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ àárín wọn o: mẹ́wàá péré tí nọ́ńbà yìí bá fi lọ sílẹ̀, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mẹ́ta péré, ó ti di ìdajì.

Ibì kan wà tí àwa oníṣẹ́ fóònù pàápàá máa ń ṣìnà sí. Ẹ má fi nọ́ńbà 3G wé nọ́ńbà 4G. Ti 4G ń wọn agbára fọ́nrán tín-ín-rín kan nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́nrán tó para pọ̀ di nẹ́tíwọ̀kì náà. Ti 3G kì í pín in kéékèèké bẹ́ẹ̀. Nítorí náà `-75` lórí 3G àti `-95` lórí 4G lè jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Irú kan náà ni kí ẹ máa fi wé ara wọn láti yàrá sí yàrá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rin ilé yín ká

Ẹ pa wáífáì. Ẹ dúró sí ojúkan, kí ẹ ní sùúrù bí ogún ìṣẹ́jú àáyá kí nọ́ńbà tó fìdí múlẹ̀, nítorí kì í tètè yí padà. Ẹ kọ ibi tí ẹ wà, irú nẹ́tíwọ̀kì tí fóònù wà lórí rẹ̀, àti nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ sì gbé fóònù sókè orí wọ́dúróòbù, nítorí gíga díẹ̀ lè kọjá mọ́tò tó páàkì síta tàbí fẹ́ǹsì aládùúgbò.

Ohun tí mo kọ ní Òkè-Àdó ní aago méje òwúrọ̀ nìyí. Lójú fèrèsé páálọ̀, `4G` ni, `-91`. Lórí àga inú páálọ̀, `4G`, `-99`. Ní ọ̀nà àárín ilé, `4G`, `-107`. Nínú yàrá, bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ méjì wọlé, ó bọ́ sórí `H+`, ọ̀pá sì kún. Ẹ wò ó bí ògiri méjì ṣe jẹ mẹ́rìndínlógún láàárín fèrèsé àti ọ̀nà àárín. Ìyẹn ni pé agbára tó dé ọ̀nà náà kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ti ojú fèrèsé.

Ohun kékeré kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ìgbì tó wọ ilé kì í wá láti ọ̀nà kan. Ó ń kọlu ògiri, ó ń ta padà, àwọn tó ta padà á pàdé èyí tó ń bọ̀. Níbì kan wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọ́n á pa ara wọn. Lórí 1800 mẹ́gáhàátísì, ibi tó dára àti ibi tó burú lè má fi ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ jìnnà síra. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé tábìlì kan ò dára, ẹ sún fóònù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tún wò ó. Ara yín náà ń dí i. Bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tí ẹ gbá fóònù mọ́ àyà, ẹ̀yin gan-an ni ògiri. Àpò fóònù tó ní irin lára, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wọn nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo irú nẹ́tíwọ̀kì tí fóònù ń lò

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé fóònù lè dé 4G. Lórí àwọn fóònù síìmù méjì àtijọ́ kan, ihò kan ṣoṣo ló ń gbé 4G; èkejì ò ju 3G tàbí 2G lọ. Bí síìmù dátà yín bá wà nínú ihò kejì yẹn, ẹ pààrọ̀ ihò wọn. Síìmù fúnra rẹ̀ náà, bó bá ti pẹ́ gan-an, ó lè jẹ́ pé kò tíì di ti 4G. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ láìyí nọ́ńbà padà, ẹ sì mú NIN yín dání.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí `Settings`, ẹ wá `Mobile network`, ẹ wo `Preferred network type`. Ó yẹ kí 4G tàbí `LTE` wà nínú èyí tí ẹ yàn. Mo ti rí ẹni tó yan `3G` lọ́dún méjì sẹ́yìn nítorí bátìrì tó gbàgbé, tó wá ń bú nẹ́tíwọ̀kì láti ìgbà náà.

Tó bá jẹ́ pé fóònù ti bọ́ sórí `H+` tàbí `E`, ó lè pẹ́ gan-an níbẹ̀ kódà bí ẹ bá ti padà sí ojú fèrèsé, pàápàá bó bá ṣì ń gbé dátà lọ́wọ́ tàbí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpè. Ẹ tan `Airplane mode` fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á. Á tún nẹ́tíwọ̀kì yàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju kí èèyàn máa pa fóònù tán, nítorí kò gba àkókò.

Wàyí o, `LTE only`. Ojú ewé `*#*#4636#*#*` yẹn ní ibì kan tí wọ́n kọ `Set preferred network type` sí, ẹ sì lè yan `LTE only` níbẹ̀ kí fóònù má lè bọ́ sórí 3G mọ́. Mo ṣe é nínú yàrá àǹtí mi. Ọ̀pá bọ́ sí ẹyọ kan, nọ́ńbà sì jẹ́ `-114`. Mo lo `fast.com` tó ń wọn eré dátà, mo tẹ `Show more info` kí n lè rí ohun tó ń jáde. (Ẹ ṣọ́ra: ìdánwò kan lè jẹ dátà tó 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ̀kì bá yá.) Lórí `H+` ọ̀pá mẹ́rin, ohun tó ń wọlé jẹ́ 1.1 Mbps, ohun tó ń jáde jẹ́ 0.2. Lórí 4G ọ̀pá kan, 4.6 ń wọlé, 0.5 ń jáde. Àǹtí mi wò mí. Ọ̀pá kan ló lé ọ̀pá mẹ́rin sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi fóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí fóònù tàbí síìmù yín ò bá lè pe èèyàn lórí 4G, orí 3G tàbí 2G ni ìpè ń gbà, `LTE only` sì ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni bá pè yín á gbọ́ pé ẹ ò sí. Oníbàárà méjì ló pe àǹtí mi láàárín wákàtí kan tí mo fi dánwò, kò sí èyí tó wọlé. Mo dá a padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ ó bá lò ó, ẹ kọ orúkọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yí i, ẹ pe fóònù náà láti orí òmíràn, kí ẹ rí i pé ó dún.

Ní ti 5G, ìgbì rẹ̀ gíga débi pé ó lè wà lójú fèrèsé kó sì máa wá, kó máa lọ nínú yàrá. Bí àmì yín bá ń fò láti `5G` sí `4G` lemọ́lemọ́, tí bátìrì sì ń gbóná, ẹ yan 4G nínú ilé kí ara fóònù lè balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn fèrèsé kan náà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ń fi hàn bóyá ilé ni ìṣòro tàbí èrò. Ní aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ kejì, lójú fèrèsé páálọ̀, nọ́ńbà jẹ́ `-92`; 19 Mbps ń wọlé, 7 ń jáde. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, ní ojú ibi kan náà gan-an, nọ́ńbà jẹ́ `-92`, kò yí padà rárá. Ohun tó ń wọlé ti di 1.4, ohun tó ń jáde 0.9.

Bí nọ́ńbà bá dúró ṣinṣin tí eré sì ṣubú, kò sí fèrèsé tó lè gbà yín. Àdúgbò ti délé láti ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ń wo fídíò lórí òpó kan ṣoṣo, wọ́n sì ń pín in. Bí ọkọ̀ ní Mólété ní ìrọ̀lẹ́: ọ̀nà ò kéré sí ti òwúrọ̀, ọkọ̀ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ bá ṣubú lójijì lójú kan náà, bóyá láti `-92` sí `-108`, òpó tó sún mọ́ yín lè ti kú, kí fóònù ti lọ di mọ́ èyí tó jìnnà. Ẹ dúró kó padà. Ẹ má yí ohunkóhun padà nínú fóònù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya fóònù tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ ń lò

Àǹtí mi ò lè máa gbé aṣọ lọ sójú fèrèsé páálọ̀ níwájú àwọn èèyàn títì. Yàrá ni iná tó dára wà. Nítorí náà a jẹ́ kí fóònù kan dúró sójú fèrèsé dípò wọn.

Wọ́n ní fóònù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n tó ń gba 4G. A fi síìmù dátà sínú rẹ̀, a gbé e sí ẹsẹ̀ fèrèsé ní ibi tí mo ti rí `-91`, a sì tan háásípọ́ọ̀tì rẹ̀. Síìmù ìpè dúró nínú fóònù ọwọ́ wọn. Lórí fóònù fèrèsé yìí ni `LTE only` ti wúlò wàyí, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é. Nínú ètò háásípọ́ọ̀tì, bó bá bi yín pé `2.4 GHz` tàbí `5 GHz`, ẹ yan `2.4`: ó lọ́ra díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń la ògiri kọjá dáadáa jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn á bá yín jẹ dátà tán. Kí oòrùn má sì tààrà lu fóònù náà. Bó bá gbóná jù, fóònù fúnra rẹ̀ á dín agbára kù tàbí kó pa háásípọ́ọ̀tì. A ta kọ́tìnnì aṣọ síwájú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ kì í dí ìgbì lọ́wọ́.

Nínú yàrá, ní aago méje òwúrọ̀, nípasẹ̀ háásípọ́ọ̀tì yìí: 14 Mbps ń wọlé, 5 ń jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí fídíò aṣọ kan tó jẹ́ 15 MB. `MB` tí a fi ń wọn fáìlì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ẹyọ tí `Mbps` ń kà, nítorí náà 15 MB di 120. Lórí `H+` tó ń gbé 0.2, 120 pín sí 0.2 jẹ́ 600 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, bí kò bá já lójú ọ̀nà. Lórí 5, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fídíò dán tiyín wò, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, kí Wásáàpù má baà fún un pọ̀, ẹ sì ya fídíò tuntun fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá tún ta látaré lẹ́yìn tó ti lọ lẹ́ẹ̀kan lè má tún jáde láti inú fóònù yín mọ́, ẹ ó sì rò pé eré ti dé.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ẹ̀rọ tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì sókè tí wọ́n ń tà, àti ìwé lílẹ̀ ẹ̀yìn bátìrì. Ìwé lílẹ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò fọwọ́ sí lè máa pariwo sínú òpó kó sì ba ti gbogbo àdúgbò jẹ́. Èmi kì í so ó fún ẹnikẹ́ni.

Tí fèrèsé tó dára jù lọ náà ò bá dára

Bí ẹ bá rin ilé ká tán tí ibi tó sàn jù ṣì wà ní `-112`, tí ìta gbangba náà ò sì ju `-108` lọ, nẹ́tíwọ̀kì yẹn ò ní òpó tó rí yín. Ẹ má tíì ra síìmù mìíràn. Ẹ yá fóònù aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé kan náà, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ lórí 4G, ẹ dán an wò ní òwúrọ̀ àti ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Aládùúgbò àǹtí mi ní nẹ́tíwọ̀kì tó jẹ́ `-101` níbi tí ti àǹtí mi ti jẹ́ `-92`, ṣùgbọ́n ní alẹ́ tiẹ̀ ń gbé 6 Mbps wọlé, 3 jáde. Wọ́n ra síìmù rẹ̀ sínú ihò kejì fóònù fèrèsé, wọ́n sì ń yí dátà sí i bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀pá rẹ̀ ò ju méjì lọ. Wọn ò bú u rí.